Bàbá ń sún ìránilétí oògùn síwájú títí àkókò fi kọjá: ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ, ta ló sì yẹ kó gbọ́ lẹ́yìn wọn?

Àbíkẹ́yìn (Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Mo nílò ìmọ̀ràn àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá.

Àrùn Pákínsìnì ń bá bàbá mi fínra. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni wọ́n ń lo lẹfodópà: aago méje àárọ̀, aago mọ́kànlá, aago mẹ́ta ọ̀sán àti aago méje alẹ́. Èmi ni mo ṣètò áàpù ìránilétí sórí fóònù wọn. Bó bá ti dún, bọ́tìnì méjì ló ń yọ, "Mo ti lò ó" àti "Sún un síwájú". Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni sísún kọ̀ọ̀kan, torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a nínú áàpù náà, mi ò sì yí i padà. Mo wá fi òfin kan kún un pé bí Bàbá kò bá dá a lóhùn fún ìṣẹ́jú 15, kó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù tèmi.

Lọ́sàn-án àná, àlejò wà lọ́dọ̀ wọn. Mo yẹ àkọsílẹ̀ áàpù náà wò lẹ́yìn náà. Ó dún ní 3:00, wọ́n sún un. Ó dún ní 3:10, wọ́n sún un. 3:20, 3:30, 3:40, bákan náà. Ní 3:50 wọ́n pa á pátápátá. Nígbà tí mo fi máa wọlé ní aago mẹ́rin ààbọ̀, àlejò ti lọ, Bàbá wà lórí àga, wọn ò lè dìde. Ẹsẹ̀ wọn lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́ ibẹ̀. Wọ́n fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ohùn ò jáde dáadáa. Ife omi wà níwájú wọn, oògùn ọ̀sán sì wà nínú àpótí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe tò ó sí láàárọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé fóònù tèmi ò dún rárá. Òfin ìṣẹ́jú 15 yẹn dà? Ṣé kí n dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá kù ni, àbí kí n fi kún un? Ta ló sì yẹ kí ìró náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Tẹ́lẹ̀, mo máa ń jẹ́ kí ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sínú gúrúùpù àwa ọmọ márààrún. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo wọn fi pa ohùn gúrúùpù náà, torí ó ń dún ṣáá, kálukú sì gbà pé ẹlòmíì ti gbọ́.

Ohùn-Òkè (Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pọ̀ jù, kò tún sí ohun tó ta kókó níbẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú kan sí i, kí ẹ sì gbé ohùn rẹ̀ sókè débi tí àlejò gan-an á fi sọ pé "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo oògùn yìí." Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún mi, bí mo ṣe lo oògùn ojú nìyẹn fún oṣù kan gbáko, mi ò pàdánù ẹyọ kan. Ohun tó bá ń yọ ènìyàn lẹ́nu tó ni ènìyàn máa ń dá lóhùn.

Àárọ̀-Kùtù (Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́)

Oorun ni, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ mi ọkùnrin náà máa ń sún aago síwájú títí ilẹ̀ á fi mọ́ kedere. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni aago Áífóònù fi jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré, ènìyàn ò lè yí i padà, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án yẹn sì tó kí oorun tún gbé èèyàn lọ. Ẹ gbé fóònù náà sí òdìkejì yàrá, kí wọ́n lè dìde kí wọ́n tó pa á. Òun ló gba ọmọ mi.

Àbíkẹ́yìn (Ọjọ́ Ajé, 9:52 alẹ́)

@Àárọ̀-Kùtù ẹ ṣeun mà, àmọ́ Bàbá ò sùn. Wọ́n lajú kalẹ̀, wọ́n ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sì gbé fóònù jìnnà sí wọn lákòókò tí ẹsẹ̀ ò gbà, ìṣubú ni yóò fà. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ wọn.

@Ohùn-Òkè mo ti gbé ohùn rẹ̀ sókè rí. Ọjọ́ kejì ni Bàbá fúnra wọn dín in kù.

Nọ́ọ̀sì-Òru (Ọjọ́ Ajé, 11:05 alẹ́)

Ẹ kú ìtọ́jú. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ kúrò. Ẹ̀ ń bi wá bóyá ìṣẹ́jú márùn-ún dára ju mẹ́wàá lọ, ẹ ò sì tíì sọ fún wa bí oògùn náà ṣe lè pẹ́ tó kí nǹkan tó bàjẹ́. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní 2011, ISMP, àjọ tó ń rí sí lílo oògùn láìséwu ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan jáde fún àwọn ilé ìwòsàn lórí ọ̀rọ̀ àkókò oògùn. Oògùn tí àkókò rẹ̀ le gidi, kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú tàbí lẹ́yìn àkókò rẹ̀ lọ. Èyí tí ènìyàn ń lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́, tí kò sì le tó bẹ́ẹ̀, wákàtí kan ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, wákàtí méjì. Ilé ìwòsàn ni wọ́n kọ ọ́ fún, kì í ṣe ilé wa, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ẹ rí i pé oògùn kan kì í ṣe ẹgbẹ́ èkejì. Lẹfodópà wà lára àwọn tí àwa nọ́ọ̀sì kì í fi àkókò rẹ̀ ṣeré. Bí agbára oògùn tó ṣáájú bá ti ń tán nínú ara, tí òmíràn ò sì tíì wọlé, ohun tí ẹ bá lórí àga yẹn ni ẹ máa bá. Ó tún ń tẹ̀lé àkókò oúnjẹ, torí èròjà inú ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà máa ń bá a du ọ̀nà àtiwọnú ẹ̀jẹ̀. Bí Bàbá bá sún un títí oúnjẹ fi dé, bó bá pàpà wọlé náà, ó lè má ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ.

Nítorí náà, ẹ bi dókítà wọn ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ìṣẹ́jú mélòó ló lè fi pẹ́ jù?" Nọ́mbà tí dókítà bá fún yín ni ògiri. Gbogbo sísún, gbogbo ìpè, gbogbo ẹsẹ̀ tí ẹ máa fi sáré, inú ògiri yẹn ló gbọ́dọ̀ wà. Ìdí tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n lè sún láìlópin fi já yín kulẹ̀ nìyẹn. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta ti dé ògiri, ẹnikẹ́ni ò sì tíì gbọ́.

Ṣé Bàbá tún ń lo oògùn mìíràn?

Àbíkẹ́yìn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:48 àárọ̀)

Bẹ́ẹ̀ ni mà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń dún, òfin kan náà ni mo sì fi sí wọn.

Nọ́ọ̀sì-Òru (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀)

Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ lónìí. Oògùn tí àkókò rẹ̀ gbòòrò, ohùn pẹ̀lẹ́ ni kí ẹ fi sí i, kí sísún rẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má sì pe ẹnikẹ́ni títí wákàtí méjì fi kọjá. Bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń pe yín nítorí ìṣẹ́jú 15, ọjọ́ tí lẹfodópà bá pè yín, ẹ ó rò pé ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ohun tó jẹ́ kí àwọn ọmọ yòókù pa gúrúùpù náà nìyẹn. Àwọn kọ́ ló burú.

Aṣètò-Kọ̀ǹpútà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:02 àárọ̀)

Mo ti rí ibi tí òfin ìṣẹ́jú 15 yín wọlẹ̀ sí. Ẹ padà wo àkọsílẹ̀ yín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni Bàbá ń fọwọ́ kan fóònù. Áàpù náà ka fífọwọ́kàn yẹn sí ìdáhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú 15 láti òdo lẹ́ẹ̀kan sí i. Mẹ́wàá kéré sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí náà kò lè pé láéláé. Bí Bàbá bá ń sún un títí di ọ̀la, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n sì pa á ní 3:50, áàpù náà gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Iṣẹ́ mi ni kí fóònù jí mi lóru bí kọ̀ǹpútà bá dákẹ́ iṣẹ́, àwa náà sì ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Ọ̀rọ̀ méjì la yà sọ́tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: "mo ti gbọ́" àti "mo ti ṣe é". Sísún jẹ́ "mo ti gbọ́". Ó lè dá ariwo dúró fún ìgbà díẹ̀, kò gbọdọ̀ dá aago ńlá dúró. Aago ńlá yẹn, láti ìgbà tí oògùn yẹ ní lílò ló ti ń ka, 3:00 géérégé, ohun kan ṣoṣo tó sì lè dá a dúró ni "Mo ti lò ó".

Bí ẹ ṣe máa mọ bí áàpù tiyín ṣe ń kà á rèé. Ẹ ṣe ìránilétí kan tí kì í ṣe ti oògùn, kó dún lójú yín nílé. Ẹ sún un ní ẹ̀ẹ̀mẹta láìtẹ nǹkan mìíràn. Bí fóònù tiyín ò bá dún nígbà tí ìṣẹ́jú 15 pé láti ìró àkọ́kọ́, ó ń bẹ̀rẹ̀ látòdo nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo sẹ́tìnì rẹ̀ bóyá ẹ lè fi gbèǹdéke sí iye ìgbà tí wọ́n lè sún un. Bí ẹ bá fi méjì sí i, tí bọ́tìnì ìsúnsíwájú kò sì yọ mọ́ ní ìgbà kẹta, ẹ ti dí ihò náà. Bí áàpù náà ò bá ní gbèǹdéke, ẹ wá òmíràn. Sísún aláìlópin àti òfin tó ń kà látòdo, méjèèjì ò gbọdọ̀ pàdé nínú áàpù kan.

Ohùn-Òkè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 àárọ̀)

@Aṣètò-Kọ̀ǹpútà kí ló dé tí wàhálà fi pọ̀ báyìí? Kí arábìnrin wa fi aago sórí fóònù tirẹ̀ ní 3:15 lójoojúmọ́, kó yẹ àkọsílẹ̀ wò. Ó parí.

Aṣètò-Kọ̀ǹpútà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:33 àárọ̀)

Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀méjìdínlọ́gbọ̀n lọ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì jẹ́ pé Bàbá ti lo oògùn wọn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ á máa yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọwọ́ rẹ̀ á ti máa pa aago náà kí ojú rẹ̀ tó rí i. Mi ò sọ ọ́ láti bú u. Bí etí èmi náà ṣe di sí aago tí kò ní ìròyìn nìyẹn. Ìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nìkan ló yẹ kí fóònù ẹni kejì dún.

Bàbá-Àgbà-Kan (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:47 àárọ̀)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Àìsàn yìí wà lára èmi náà, ó ti di ọdún kẹfà. Mo ń kà ohun tí ẹ kọ láti àná, mo sì rí i pé gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bàbá yìí ń kọtí ikún ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí.

Nígbà tí oògùn bá ti ń tán lára mi, ọwọ́ mi ọ̀tún máa ń gbọ̀n. Bọ́tìnì méjì wà lójú fóònù, wọ́n fara kan ara wọn. "Mo ti lò ó" kéré bí èékánná. "Sún un síwájú" gbòòrò, ó gba gbogbo ìsàlẹ̀ ojú fóònù. Mo nawọ́ sí òkè, ìka mi já sí ìsàlẹ̀. Ó ti sún un nìyẹn. Nígbà mìíràn mo ti gbé oògùn mì, fóònù ṣì ń pariwo pé n kò lò ó. Ẹni tó bá ka àkọsílẹ̀ mi á sọ pé alágídí ni mí.

Èkejì ni ti àlejò. Mi ò fẹ́ kí àlejò mi rí bí omi ṣe ń dà sí mi láyà nígbà tí mo bá gbé ife. Ìdí tí mo fi ń sún un nìyẹn, kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ariwo kò lè wo èyí sàn, ọmọ mi Ohùn-Òkè. Bí ó bá ṣe ń pariwo tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú ṣe ń tì mí tó. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé ọmọ mi obìnrin máa ń pè mí lórí fóònù. Bó bá ti pè, mo lè sọ fún àlejò pé "ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ni", kí n sì kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìpè ọmọ ẹni kì í tini lójú bí ìró aago oògùn ṣe ń tini lójú.

Àbíkẹ́yìn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ti ife yẹn. Mo bi Bàbá mi ní jẹ́jẹ́ lónìí, wọ́n ní òótọ́ ni, àwọn ò fẹ́ kí àlejò rí àwọn. Mo ti ra ife onídèérí tó ní ọ̀pá ìfamu fún wọn.

Mo tún pe dókítà. Ó ní kí n gbìyànjú kó má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ẹ bá mi wo ìṣirò mi. Láti ibi iṣẹ́ mi dé ilé, ìṣẹ́jú 12 ni mo fi ń rìn ín. Kí n wọlé, kí n wo àpótí, kí n fún wọn ní oògùn, ẹ jẹ́ ká pè é ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Bí ògiri bá jẹ́ 3:30, ó gbọ́dọ̀ di pé mo ti gbéra ní 3:15. Kí n tó gbéra, mo fẹ́ pè wọ́n lórí fóònù gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe sọ, mo sì fún ìpè yẹn ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó túmọ̀ sí pé fóònù mi gbọ́dọ̀ dún ní 3:10. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló wá ṣẹ́ kù fún Bàbá nìkan. Nítorí náà sísún á jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan péré: 3:00, 3:05, tó bá di 3:10, ó di tèmi. Bí wọ́n bá gbé ìpè mi, mo dúró sórí fóònù títí wọ́n á fi gbé e mì. Bí wọn ò bá gbé e, mo gbéra.

Tí n bá dé ní 3:27, tí wọn ò sì tíì lò ó, mo fún wọn lójú ẹsẹ̀. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì-Òru (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:11 ọ̀sán)

Ìṣirò náà dára, ẹ ti kà á láti ògiri padà sẹ́yìn bó ṣe yẹ. Mo ní àtúnṣe kan tó ṣe pàtàkì ju gbogbo nọ́mbà wọ̀nyí lọ. Iṣẹ́ tí áàpù máa fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ má ṣe jẹ́ kó sọ pé "Bàbá kò lo oògùn." Kí ó sọ pé "Bàbá kò tíì sọ pé àwọn lò ó." Ẹ ti gbọ́ lẹ́nu Bàbá-Àgbà-Kan pé ènìyàn lè ti gbé e mì kí ìka sì já sí bọ́tìnì mìíràn. Bí ẹ bá wọlé pẹ̀lú èrò pé wọn ò lò ó, ẹ lè fún wọn ní ìlọ́po méjì. Àpótí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí ẹ tó gbé omi. Bí ilé oògùn aago mẹ́ta nínú rẹ̀ bá ṣófo, ẹ tẹ "Mo ti lò ó" fún wọn, kí ẹ sì jókòó. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ pe dókítà tàbí apòògùn.

Bí ti aago mẹ́ta bá sì ti pẹ́ kọjá ògiri, ẹ má dá a ṣe fúnra yín láti sún ti aago méje síwájú tàbí láti pa wọ́n pọ̀. Ẹ gba ìtọ́ni lórí ìyẹn nísinsìnyí tí ara balẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ mọ́ ìdérí àpótí náà.

Aṣètò-Kọ̀ǹpútà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:40 ọ̀sán)

Ohun kan tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: bí ẹ bá wà nínú ìpàdé tí fóònù yín sì dákẹ́, 3:10 á kọjá lọ. Ìfitónilétí áàpù kì í sábà kọjá bí ẹ bá ti ní kí fóònù má yọ yín lẹ́nu. Aago gidi inú fóònù máa ń kọjá, áàpù lásán kì í sábà kọjá, àyàfi bí ẹ bá fún un láyè nínú sẹ́tìnì. Ẹ fún un láyè. Ẹ tún wo ti bátìrì lórí fóònù Bàbá bó bá jẹ́ Áńdíróìdì. Fóònù náà lè pa áàpù tí wọn ò ṣí fún ìgbà pípẹ́ kó lè fi iná pamọ́, ìránilétí á wá dún lẹ́yìn ìgbà tó yẹ, tàbí kó má dún rárá. Ẹ yọ áàpù náà kúrò lára àwọn tí fóònù ń pa láti fi iná pamọ́.

Ní ti ìpè yín sí Bàbá: bó bá jẹ́ Áífóònù ni wọ́n ń lò, ẹ ṣí orúkọ yín nínú fóònù wọn, ẹ lọ sí ibi ohùn ìpè, ẹ tan `Emergency Bypass`. Ìpè yín á máa dún kódà bí fóònù bá dákẹ́.

Ìwé-Ìrìnnà (Ọjọ́rú, 7:05 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀. Tèmi kì í ṣe oògùn. Ìwé ìrìnnà mi máa ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi ìránilétí sí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo ń fi ọjọ́ kan kan sún un, ó sì kú. Ṣé kí n fi ìṣẹ́jú márùn-ún sí i bíi ti arábìnrin yìí?

Nọ́ọ̀sì-Òru (Ọjọ́rú, 8:19 alẹ́)

Ẹ má fi ìṣẹ́jú kankan sí i, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ka tiyín padà sẹ́yìn bó ṣe kà á. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣe ìwé tuntun fún ènìyàn, ìránilétí ọ̀sẹ̀ kan ti pẹ́ kó tó dún fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí bí ẹ ṣe lè sún un tó máa dára. Ẹ gbé e lọ sí oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì sún un sí ọjọ́ tí ẹ ní àyè láti lọ, bí àpẹẹrẹ Ọjọ́ Ẹtì tí ẹ kì í lọ síbi iṣẹ́. Sísún sí "ọ̀la" nígbà tí ọ̀la ò yàtọ̀ sí òní, pípa á ni.

Àbíkẹ́yìn (Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, 5:22 ìrọ̀lẹ́)

Mo padà wá jábọ̀ fún yín. Ọjọ́ 14, ìgbà oògùn 56. Mo ti yí áàpù padà. Èyí tuntun ní bọ́tìnì ńlá fún "Mo ti lò ó", ìsúnsíwájú sì wà lókè lọ́tọ̀. Ìgbà 41 ni Bàbá dá a lóhùn ní ìró àkọ́kọ́. Ìgbà 11 ni wọ́n sún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì lò ó ní ìró kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló dé ọ̀dọ̀ mi.

Nínú mẹ́rin yẹn, méjì jẹ́ pé wọ́n ti gbé e mì, wọn ò kàn tẹ nǹkan kan. Mo bi wọ́n lórí fóònù, wọ́n ṣí àpótí, ilé aago náà ti ṣófo. Ẹ̀kẹta, wọ́n fi fóònù sílẹ̀ ní yàrá, mo ní láti gbéra. Mo wọlé ní 11:26, wọ́n wà nínú ọgbà, oògùn wà nínú àpótí. Ẹ̀kẹrin ni àlejò. Mo pè wọ́n, wọ́n ní "ọmọ mi ni", mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣí àpótí, wọ́n mu omi nínú ife tuntun, wọ́n sì dá mi lóhùn pé "ó ti wọlé". Ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀.

Ohun tó kù rèé. Bàbá fẹ́ kí n fi bọ́tìnì kan kún un tí wọ́n lè tẹ̀ kí áàpù má pè mí lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọdé. Mi ò mọ ohun tí n máa sọ.

Aṣètò-Kọ̀ǹpútà (Ọjọ́ Àìkú, 5:50 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ má fi í. Ọjọ́ tí ara wọn bá burú jù ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ìpè náà wà fún kò yẹ kó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Bàbá-Àgbà-Kan (Ọjọ́ Àìkú, 6:31 ìrọ̀lẹ́)

Èmi ò gbà, ọmọ mi. Kọ̀ǹpútà yín kò ní iyì tí wọ́n lè tàbùkù sí, bàbá yìí ní. Bí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, á pa fóònù náà, ẹ ò ní rí nǹkan kan mọ́. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àdéhùn tí èmi àti ọmọ mi ṣe ni pé mo lè sọ pé kó má pè mí, ṣùgbọ́n ìgbà oògùn kan ṣoṣo ni, kì í ṣe odindi ọjọ́. Èyí tó bá tẹ̀ lé e, ó padà sí bó ṣe wà. Áàpù á sì sọ fún ọmọ mi pé mo tẹ̀ ẹ́, láìsí ariwo.

Nọ́ọ̀sì-Òru (Ọjọ́ Àìkú, 7:15 alẹ́)

Ìgbà kan ṣoṣo náà ṣì ń bà mí lẹ́rù fún lẹfodópà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó pa fóònù gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Arábìnrin, ẹ béèrè lọ́wọ́ Bàbá yín, ìgbà wo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fẹ́ kí ìpè má wọlé? Bó bá jẹ́ aago mẹ́ta nìkan, nítorí àlejò, ó lè jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń pè é ló yẹ kí ẹ yí padà.

Àbíkẹ́yìn (Ọjọ́ Àìkú, 9:03 alẹ́)

Mo bi wọ́n. Aago mẹ́ta ni. Wọ́n ní bí mo bá ti pè, kí n má béèrè oògùn lọ́wọ́ àwọn níṣojú àlejò, kí n kàn bi wọ́n pé "ṣé ẹ ti jẹun?", àwọn á ti mọ̀. A ti gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnì yẹn, a ò tíì parí rẹ̀.